Ìṣirò àìdánilójú nínú wíwọn òǹkà títẹ̀ ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù gíláàsì

Ìṣirò àìdánilójú nínú wíwọn òǹkà títẹ̀ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń mọ bí a ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé iye tí akẹ́kọ̀ọ́ rí nígbà tí ó bá fi búlọ́ọ̀kù gíláàsì, pín-ìn-nì mẹ́rin àti prótrátọ̀ wọn bí gíláàsì ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Òǹkà yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní rifirátíìfù íńdẹ́ẹ̀sì, lẹ́tà n ni a sì fi ń dúró fún un. Prótrátọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ka igun kí ó péye ju nǹkan bí ìdajì dígírì lọ. Ìtànkálẹ̀ àṣìṣe ni orúkọ ìṣirò tí ó ń sọ ohun tí ìdajì dígírì yẹn yóò dà nígbà tí ó bá dé ara n. Ohun tí ó dà kò rí bákan náà ní gbogbo igun. Ní igun 10°, ìdajì dígírì lè fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún kún n tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò. Ní igun 60°, ìdajì dígírì kan náà kò ju ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

## Bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà

Àyẹ̀wò yìí jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ àṣedánwò físíksì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ń ṣe ní Ìpetumodù, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní gbogbo ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àjọ WAEC. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: búlọ́ọ̀kù gíláàsì onígun mẹ́rin gbọọrọ, bébà funfun, pátákó rírọ̀ tí pín-ìn-nì lè wọ̀, pín-ìn-nì mẹ́rin, rúlà, pẹ́ńsùlù àti prótrátọ̀.

A óò gbé búlọ́ọ̀kù lé orí bébà, a óò fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká, a óò sì gbé e kúrò. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹ̀gbẹ́ gígùn kan ní AB, kí a sì pe èkejì tí ó kọjú sí i ní DC. A óò sàmì sí ojú kan, N, lórí AB, a óò sì fa ìlà òòró gba N kọjá, ìyẹn ìlà tí ó bá AB pàdé ní 90°. Láti ara ìlà òòró yìí ni a ti ń ka igun. A óò fi prótrátọ̀ fa ìlà kan tí ó wọ N ní igun i, a óò sì gún pín-ìn-nì méjì sórí rẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán.

Lẹ́yìn èyí, a óò dá búlọ́ọ̀kù padà sínú ìlà rẹ̀. A óò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìhà DC, a óò wo pín-ìn-nì méjèèjì láti inú gíláàsì títí ọ̀kan yóò fi bo èkejì mọ́lẹ̀. Ní ibi tí ojú bá wà yẹn ni a óò ti gún pín-ìn-nì kẹta àti ìkẹrin, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà bí ẹni pé wọ́n tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Nígbà tí a bá gbé búlọ́ọ̀kù kúrò, a óò so ihò pín-ìn-nì méjì ìkẹyìn pọ̀ títí dé ara DC, a óò sì fa ìlà láti ibẹ̀ lọ sí N. Ìlà yìí ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà nínú gíláàsì. Igun tí ó wà láàrin rẹ̀ àti ìlà òòró ni r.

Òfin tí ó so igun méjèèjì pọ̀ ni òfin Snell, tí a fi orúkọ Willebrord Snellius ará Nẹ́dálándì sọ, ẹni tí ó rí i ní ọdún 1621. Ibn Sahl ti kọ òfin náà sílẹ̀ ní Bàgídáádì ní nǹkan bí ọdún 984. Òfin náà ni:

```
n = sin i / sin r
```

## Ibi tí ìdajì dígírì ti wá

Àìdánilójú kì í ṣe àṣìṣe tí ẹnì kan dá nípa àìfarabalẹ̀. Ó jẹ́ ààlà ohun tí irin-iṣẹ́ lè fi hàn. Lórí prótrátọ̀ tí ó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 5 láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀, dígírì kan kò fẹ̀ ju mìlímítà 0.87 lọ. Ìdajì dígírì jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 0.44, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú ìlà tí pẹ́ńsùlù fà lọ. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun ka 34.7° lórí irú prótrátọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń sọ ohun tí ojú kò lè rí.

Nítorí náà ni a ṣe ń kọ igun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ±0.5°. Igun r ní àìdánilójú yìí nítorí pé a kà á. Igun i pẹ̀lú ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló yàn án fúnra rẹ̀, nítorí pé prótrátọ̀ kan náà ni ó fi fà á. Gbígbàgbé àìdánilójú i wọ́pọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé 60° tí òun fẹ́ fà náà ni 60° tí òun fà.

## Ìlànà ìṣirò náà

Ìbéèrè tí ìtànkálẹ̀ àṣìṣe ń dáhùn ni pé: bí i bá yí díẹ̀, báwo ni n yóò ṣe yí tó? Nígbà tí igun bá kéré, sáìnì rẹ̀ kéré pẹ̀lú, ìyípadà díẹ̀ sì jẹ́ ìpín ńlá lára ohun kékeré. Nígbà tí igun bá tóbi, sáìnì ti pọ̀, kì í sì í tètè yí mọ́. Kọ́táńjẹ́ǹtì igun náà, tí a ń kọ báyìí: cot, ni ó ń wọn èyí. Bí a bá pe àìdánilójú i ní δi, tí a sì pe ti r ní δr, ìpín tí n fi lè yí nítorí i ni cot i × δi, èyí tí ó lè yí nítorí r sì ni cot r × δr.

A kì í ro méjèèjì pọ̀ lásán. Àṣìṣe i lè lọ sókè nígbà tí ti r ń lọ sílẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ kí méjèèjì burú jù lọ ní ìhà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, a óò sọ ìkọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, a óò rò wọ́n pọ̀, a óò sì wá gbòǹgbò àròpọ̀ wọn:

```
δn / n = √[ (cot i × δi)² + (cot r × δr)² ]
```

Ohun kan wà tí ó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Rédíánì ni δi àti δr gbọ́dọ̀ jẹ́, kì í ṣe dígírì. Láti yí dígírì padà, a óò sọ ọ́ di ìlọ́po π, a óò sì fi 180 pín in. Ìdajì dígírì jẹ́ rédíánì 0.00873. Ẹni tí ó bá fi 0.5 síbẹ̀ láìyí i padà yóò rí èsì bíi 1.51 ± 1.2. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ń sọ pé gíláàsì náà lè má tẹ ìmọ́lẹ̀ bí afẹ́fẹ́ pàápàá, nígbà tí ojú lásán ti rí i pé ó tẹ̀ ẹ́. Nípa èyí ni a fi ń mọ̀ pé wọ́n ti gbàgbé rédíánì.

## Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìpetumodù ka igun mẹ́fà, tí ó sì kọ r sí ìdajì dígírì tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Ní igun 60°, ó rí r = 35.0°. Sáìnì 60° jẹ́ 0.866, sáìnì 35° sì jẹ́ 0.574, nítorí náà n = 1.51.

Fún àìdánilójú rẹ̀, cot 60° jẹ́ 0.577, nígbà tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 0.00873, a rí 0.0050. Cot 35° jẹ́ 1.428, èyí sì fún wa ní 0.0125. Gbòǹgbò àròpọ̀ ìlọ́po ara wọn jẹ́ 0.0134, ìyẹn ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá yìí lára 1.51 jẹ́ 0.02. Èsì náà ni 1.51 ± 0.02. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìpín r ju ìlọ́po méjì ìpín i lọ. Igun inú gíláàsì ni ó kéré jù, òun náà ni ó sì ń mú àìdánilójú púpọ̀ wá.

Ẹni tí kò tíì kọ́ kọ́táńjẹ́ǹtì lè yẹ èyí wò ní ọ̀nà mìíràn. Bí i bá jẹ́ 60.5° tí r sì jẹ́ 34.5°, n jẹ́ 1.537. Bí i bá jẹ́ 59.5° tí r sì jẹ́ 35.5°, n jẹ́ 1.484. Ìdajì àlàfo tí ó wà láàrin wọn jẹ́ 0.026. Ó ju 0.02 lọ díẹ̀, nítorí pé ọ̀nà yìí gbà pé àṣìṣe méjèèjì gbìmọ̀ pọ̀ láti ba n jẹ́.

Ìṣirò kan náà lórí igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó wà nínú àtẹ yìí:

| Igun i | Igun r | n | Àìdánilójú n |
|---|---|---|---|
| 10° | 6.5° | 1.53 | 0.14 |
| 20° | 13.0° | 1.52 | 0.07 |
| 30° | 19.5° | 1.50 | 0.04 |
| 40° | 25.0° | 1.52 | 0.03 |
| 50° | 30.5° | 1.51 | 0.02 |
| 60° | 35.0° | 1.51 | 0.02 |

Prótrátọ̀ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, síbẹ̀ ìwọ̀n 10° kò ṣe é gbára lé tó ìdá kan nínú mẹ́fà ti 60°. Iye 1.53 tí ó wà ní òkè àtẹ kò burú lójú. Àìdánilójú rẹ̀ ni ó fi hàn pé ó lè jẹ́ 1.39 tàbí 1.67.

## Ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ìwọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ro iye n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, kí wọ́n sì fi mẹ́fà pín in. Èsì rẹ̀ jẹ́ 1.52. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá tan àṣìṣe gba inú ìpíndọ́gba yìí kọjá, àìdánilójú rẹ̀ jẹ́ 0.03, ó sì ju ti ìwọ̀n 60° nìkan lọ. Iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, èsì rẹ̀ sì burú ju ti ìwọ̀n ẹyọ kan lọ, nítorí pé ó fún ìwọ̀n 10° ní ohùn kan náà pẹ̀lú èyí tí ó dára jù.

Ọ̀nà àtúnṣe ni ìpíndọ́gba oníwọ̀n. A óò fi ìlọ́po ara àìdánilójú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan pín 1, iye tí ó bá jáde ni agbára tí ìwọ̀n náà ní nínú ìpíndọ́gba. Lọ́nà yìí, agbára ìwọ̀n 60° fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 48 ti 10°. Èsì fún àtẹ òkè yìí ni 1.51 ± 0.01, èyí tí ó dára ju ti ìwọ̀n kankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ.

Gíráàfù tí ìdánwò sábà máa ń béèrè ń ṣe iṣẹ́ tí ó jọ èyí láìsí ìṣirò púpọ̀. Bí a bá fi sáìnì i sí òòró, tí a sì fi sáìnì r sí ìbú, àwọn ojú ìwọ̀n yóò tò sórí ìlà tí ó gba oríjìnì kọjá, ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà sì ni n. Àwọn igun ńlá ni wọ́n jìnnà sí oríjìnì, nítorí náà àwọn ni wọ́n ń darí ìlà náà jù. Ìwọ̀n 10° wà nítòsí oríjìnì, kò sì lè fa ìlà lọ sí ibì kan.

Ìfọ́nká àwọn ìwọ̀n tún ń dán ±0.5° fúnra rẹ̀ wò. Tí iye tí a fún àìdánilójú bá bá bí ìwọ̀n ṣe ń fọ́n ká mu, nǹkan bí ìwọ̀n méjì nínú mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà láàrin àìdánilójú rẹ̀ sí èsì ìkẹyìn. Nínú àpẹẹrẹ yìí, kò sí èyí tí ó jìnnà sí 1.51 kọjá ìdá mẹ́ta àìdánilójú tirẹ̀. Èyí ń tọ́ka sí i pé 0.5° jẹ́ ààlà tí ó fẹ̀ díẹ̀ fún ọwọ́ ẹni tí ó kà á. Bí ìwọ̀n púpọ̀ bá wà lẹ́yìn ààlà wọn, ohun mìíràn tí kì í ṣe prótrátọ̀ ni ó ń dà á rú.

## Àṣìṣe tí ìlànà náà kò lè rí

Ìlànà òkè yìí gbà pé àṣìṣe i kò ní í ṣe pẹ̀lú àṣìṣe r, àti pé ìkọ̀ọ̀kan lè lọ sókè tàbí sílẹ̀. Àwọn àṣìṣe kan wà tí kì í yẹsẹ̀, ìhà kan náà ni wọ́n máa ń lọ nígbà gbogbo, kò sì sí ìpíndọ́gba tí ó lè pa wọ́n rẹ́.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìlà tí a fà yí búlọ́ọ̀kù ká. Bí pẹ́ńsùlù kò bá mú, ìlà rẹ̀ yóò wà lẹ́yìn ara gíláàsì. Ká ní ìbú búlọ́ọ̀kù jẹ́ mìlímítà 60, ṣùgbọ́n tí ìlà DC fi mìlímítà 1 jìnnà sí i. Ní igun 60°, ìmọ́lẹ̀ ti jáde kúrò nínú gíláàsì kí ó tó dé ìlà náà, ó sì ti padà sí igun 60° fún mìlímítà yẹn. Nítorí náà, ojú tí ó ti ge ìlà DC yóò sún síta, r tí a óò kà yóò jẹ́ 35.6° dípò 35.0°, n yóò sì jẹ́ 1.49 dípò 1.51. Mìlímítà kan ṣoṣo ti yí n ju gbogbo àìdánilójú prótrátọ̀ lọ ní igun yẹn. Ní igun 20°, ìyípadà rẹ̀ jẹ́ 0.013 péré. Èyí ni ìdí tí a kò fi lè sọ pé kí a máa lo igun ńlá nìkan: ibi tí àṣìṣe kíkà ti ń dínkù ni àṣìṣe ìlà ti ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n rọrùn. A óò fi rúlà wọn ìbú búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, a óò sì wọn àlàfo tí ó wà láàrin ìlà AB àti DC lórí bébà. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba.

Èkejì ni ìlà òòró tí kò dúró gangan. Bí ó bá fi dígírì kan tẹ̀, i àti r yóò ní àṣìṣe kan náà pọ̀, wọn kì í ṣe olómìnira mọ́, ìlànà gbòǹgbò kò sì bá wọn mu. Ní igun 60°, èyí ń yí n ní nǹkan bí 0.02. Bí a bá tún àyẹ̀wò ṣe pẹ̀lú ìlà tí ó wọ N láti ìhà kejì ìlà òòró, n yóò pọ̀ ní ìhà kan, yóò sì kéré ní ìhà kejì. Ìpíndọ́gba méjèèjì ni yóò pa àṣìṣe náà rẹ́, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni yóò sì sọ pé ó wà níbẹ̀.

## Àtẹ Ptolemy

Ní ọ̀rúndún kejì, Claudius Ptolemy ti Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì kọ àtẹ tí ó jọ ti òkè yìí sínú ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀. Láti 10° dé 80°, ó kọ igun inú gíláàsì báyìí: 7, 13.5, 19.5, 25, 30, 34.5, 38.5 àti 42. Òun náà kọ wọ́n sí ìdajì dígírì.

Bí a bá fún àwọn iye rẹ̀ ní ±0.5°, ìwọ̀n 10° rẹ̀ jẹ́ 1.42 ± 0.12, kò sì lòdì sí àwọn tó kù. Ìwọ̀n 60° rẹ̀ jẹ́ 1.53 ± 0.02, ti 80° sì jẹ́ 1.47 ± 0.01. Àlàfo àwọn méjì wọ̀nyí ju ìlọ́po méjì àìdánilójú wọn tí a pa pọ̀ lọ. Nǹkan kan kò tọ̀nà níbẹ̀.

Ìdáhùn wà nínú ìyàtọ̀ láàrin iye kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e: 6.5, 6, 5.5, 5, 4.5, 4 àti 3.5. Ìdajì dígírì gan-an ni ó ń dínkù nígbà kọ̀ọ̀kan, láìyẹ̀. Ìwọ̀n tí a fi ojú kà kì í tò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń sún síwá sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn sáyẹ́ǹsì gbà pé Ptolemy ṣe àtúnṣe sí àwọn iye rẹ̀ kí wọ́n lè bá ìlànà tí ó ní lọ́kàn mu, nítorí pé kò tíì mọ òfin sáìnì.

Irú àmì kan náà ni ó ń tú àṣírí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀ pé n gíláàsì sún mọ́ 1.5, tí ó sì fi ẹ̀rọ ìṣirò wá r láti ara rẹ̀ dípò kí ó gún pín-ìn-nì. Iye n rẹ̀ ní 10° yóò bá ti 60° mu dé ojú àmì kejì, bẹ́ẹ̀ prótrátọ̀ tí ó sọ pé òun lò lè ṣi n ní 0.14 ní igun yẹn. Nínú ìwọ̀n tí a kà ní tòótọ́, ìfọ́nká a máa pọ̀ ní igun kékeré, a sì máa dínkù ní igun ńlá.